Ọwọ́ ló ń jẹ àkókò: bí mo ṣe kọ́ láti fi ìṣẹ́jú ṣètò ìsọmọlórúkọ

Ìsọmọlórúkọ tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣètò ni ti ọmọ àbúrò mi ọkùnrin. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gba iṣẹ́ náà, nítorí ó ti mọ́ mi lára láti máa kọ ètò ìpàdé níbi iṣẹ́, mo sì rò pé bí mo bá ti kọ aago sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ó ti parí náà nìyẹn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, mo ṣe ẹ̀dà 60, mo sì pín in fún àgbà, àlejò àti alásè láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé orin àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ yóò wáyé ní aago 8:00, pé àwọn àgbà yóò fi ohun èlò wúre láti 8:10 sí 8:25, pé a ó sọ ọmọ lórúkọ tán ní 8:35, àti pé oúnjẹ yóò jáde ní 8:40.

Kò sí ọ̀kan tí ó ṣẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí a fi sọ ọmọ lórúkọ tán, aago ti kọjá 9:30. Ṣùgbọ́n alásè wa ka ìwé mi sí òfin. Nígbà tí ó di 8:40 gẹ́lẹ́ ló gbé ìrẹsì jáde, bàbá wa àgbà sì di orógbó mú lọ́wọ́, wọ́n ń wúre pé orógbó ní í gbó ni sáyé. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọdé dìde. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn yí àga wọn padà sí apá ibi tí òórùn ọbẹ̀ ti ń wá. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n rọra gbé orógbó náà padà sínú àwo, wọ́n ní, “Ẹ jẹun ná.” Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni a fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó tún gbé e.

Mo lè sọ pé àdúrà àwọn àgbà ló gùn jù, ohun tí púpọ̀ nínú ìdílé sì sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti fídíò náà pẹ̀lú bébà àti bírò, mo ń kọ ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí. A kò bẹ̀rẹ̀ orin títí di 8:14. Orin àti àdúrà gba ìṣẹ́jú 12. Ohun èlò mẹ́sàn-án ni a fi wúre, wọ́n sì gba ìṣẹ́jú 31, láìka ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi bẹ Bàbá. Ènìyàn 22 ló fún ọmọ lórúkọ, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú 26.

Nígbà tí mo wá wo inú ìṣẹ́jú 31 ti àwọn ohun èlò, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ìwúre Bàbá lórí ohun èlò kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, kódà èyí tí ó gùn jù nínú wọn, ti obì, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí ó ń gba àkókò ni ohun tí ó ń tẹ̀ lé àdúrà. Wọn á fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọn á fún ìyá tọ́ ọ wò, wọn á fún bàbá ọmọ, lẹ́yìn náà ni àwo oyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ yí gbogbo ìdílé ká, Bàbá yóò sì jókòó, wọn yóò máa wo àwo náà títí yóò fi padà sórí tábìlì, kí wọ́n tó gbé iyọ̀. Nígbà mẹ́sàn-án ni a dúró de àwo. Bákan náà ni ti orúkọ: bí ènìyàn bá dé iwájú máìkì, kì í lò ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti pe orúkọ, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì sọ owó sínú omi. Ìgbà 22 ni èyí ṣẹlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 18 tí ó kù ni a fi ń gbé máìkì láti ìlà kan sí èkejì, tí àwọn ìyá ń tú àpò wọn, tí ẹnìkan ń béèrè bóyá ẹlòmíràn ní ṣẹ́ńjì.

Ohun tí mo mọ̀ láti ọjọ́ náà ni pé ẹnu àgbà kọ́ ló ń jẹ àkókò níbi ìsọmọlórúkọ, ọwọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín àkókò kù, tí ó wá lọ ń dá àgbà lẹ́kun àdúrà, yóò bí wọn nínú lásán, kò sì ní rí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbà padà.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ọ̀rẹ́ mi kan bí àkọ́bí rẹ̀, ó sì ní kí n wá bá òun ṣe é. Ènìyàn 120 ni wọ́n ń retí, nínú ilé, ní ọjọ́ kẹjọ, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò kọ ohunkóhun kí n tó lọ kí àgbà tí yóò wúre, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ. Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì ṣáájú, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ to àwọn ohun èlò náà fún mi bí wọ́n ṣe máa ń gbé wọn tẹ̀ lé ara wọn nínú ìdílé tiwọn, nítorí ó yàtọ̀ láti agboolé dé agboolé. Wọ́n ní omi ni àkọ́kọ́, nítorí omi kò ní ọ̀tá. Obì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orógbó, atare, oyin, iyọ̀, kí wọ́n tó fi epo kádìí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kà á ni wọ́n ń wúre lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọmọ wà níwájú wọn, èmi náà sì ń ṣe àmín, mo sì ń wo aago ara ògiri. Méje ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. N kò sọ fún wọn pé mo ń kà á.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni ti àwo. Mo ní, “Bàbá, bí ẹ bá ti wúre lórí oyin tán, tí ẹ fi kan ọmọ lẹ́nu, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti tọ́ ọ wò, ṣé ẹ ó gbà kí àwọn ọmọbìnrin méjì gbé e yí ìdílé ká, kí ẹ̀yin sì gbé iyọ̀?” Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní òun kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ kárí kí òun tó gbé èkejì, nítorí omi ni ó ṣílẹ̀kùn fún ìyókù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe pín oyin, iyọ̀ àti epo sínú àwo kékeré mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ní kí wọ́n ti ya obì, kí wọ́n sì gé orógbó tí a ó pín sínú àwo mìíràn, lọ́tọ̀ sí odindi tí Bàbá yóò gbé sọ́wọ́. Pẹ̀lú ètò yìí, mo fún ohun èlò méjèèje ní ìṣẹ́jú 18: mọ́kànlá fún ìwúre, méje fún ọwọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n bi mí léèrè pé, “Ṣé ẹ ò ní máa na ìka aago sí mi lójú?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. A jọ fẹnu kò pé bí àdúrà kan bá ti gùn díẹ̀, ìyá tí ó ń dárin yóò kan dá orin, gbogbo ilé yóò gbè é, wọn yóò sì fi ti orin náà gbé ohun èlò tí ó kàn. Orin kì í já àgbà kulẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ́wọ́ gba máìkì lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó kọ ètò, ìwé mẹ́ta ni mo sì kọ. Èyí tí mo fún àlejò kò ní ju aago mẹ́ta nínú: 8:00 fún ìbẹ̀rẹ̀, 8:45 fún orúkọ, 9:00 fún oúnjẹ. Ìwé ti Bàbá kò ní aago kankan, ìtòlẹ́sẹẹsẹ nìkan ni, pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n lè kà láìwo awò ojú. Èyí tí ó ní ìṣẹ́jú nínú wà lọ́wọ́ èmi àti olóòtú ètò nìkan. Orin, 8:00 sí 8:06. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, títí di 8:10. Bíbélì kíkà àti ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu olùṣọ́-àgùntàn, títí di 8:20. Ohun èlò, títí di 8:38. Lẹ́yìn èyí ni mo fi ìṣẹ́jú méje tí n kò fún lórúkọ sílẹ̀. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ ní 8:45, ó sì parí ní 8:54, àdúrà ìparí láti ẹnu ìyá àgbà gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìdúpẹ́ gba méjì.

Ìṣẹ́jú méje yẹn ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí n pa rẹ́, ó ní kí ni a ó máa ṣe níbẹ̀. Mo sọ fún un pé bí kò bá sí ohun tí yóò jẹ ẹ́, a ó kọrin, ọjọ́ náà kúkú jẹ́ ọjọ́ orin. Ibi tí mo fi í sí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ìparí ètò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ kò lè gba orúkọ lọ́wọ́ ìfàsẹ́yìn, orúkọ sì ni ohun tí gbogbo ènìyàn tìtorí rẹ̀ wá. Iwájú rẹ̀ gan-an ni kí ó wà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ aago méje sórí ìwé ìpè nígbà tí wọ́n ní aago mẹ́jọ lọ́kàn, kí àwọn tí yóò pẹ́ lè bá a. Èmi kì í ṣe é. Àwọn tí ìyà rẹ̀ ń jẹ ni àwọn àgbà tí wọ́n máa ń tètè dé, tí wọn yóò jókòó fún wákàtí kan sínú àga ike, tí ẹ̀yìn yóò máa dùn wọ́n, tí inú yóò sì ti bí wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń bẹ̀rẹ̀ ní aago tí mo kọ, ṣùgbọ́n mo ń fi ohun tí ẹni tí ó pẹ́ lè pàdánù láìsí ẹjọ́ sí iwájú, ìyẹn orin àti ọ̀rọ̀ ìyànjú, kí orúkọ má baà bọ́ sí ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ti orúkọ fúnra rẹ̀, ènìyàn 18 ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ lórúkọ. Mo gba orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, bàbá àti ìyá ọmọ ni àkọ́kọ́, àwọn òbí wọn tẹ̀ lé wọn, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé e bí ọjọ́ orí ṣe rí. Mo fi máìkì sórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi, a kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Àga márùn-ún wà ní ìlà iwájú fún àwọn tí ó kàn, bí ẹnìkan bá dìde, ẹlòmíràn yóò bọ́ sí àga rẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi mìíràn jókòó ní ìdí àga náà pẹ̀lú owó kéékèèké nínú agbọ̀n, ó ń bá wọn pààrọ̀ kí wọ́n tó dìde. Àwọn àgbà tí kò lè rìn wá, mẹ́ta péré ni wọ́n, àwọn nìkan ni a gbé máìkì kejì lọ bá. Mo ṣírò ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún ẹnìkan, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lápapọ̀.

Ó wá kù sí ti alásè, ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alásè ọ̀tọ̀ ni èyí. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé báwo ni àkókò tí bíbu àwo kan ń gbà ṣe pọ̀ tó, pẹ̀lú ìrẹsì, ẹran àti mọ́ínmọ́ín. A jọ dán an wò, ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni. Ẹni méjì ni yóò máa bu, nítorí náà àwo 120 yóò gba ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ètò parí, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò fi ogún ìṣẹ́jú wo àwọn tí ń jẹun. Bí wọ́n bá bu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí àdúrà sì gùn, yóò tutù. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí àwo 90 ti wà nílẹ̀ nígbà tí a bá ṣe àmín ìkẹyìn, kí wọ́n sì máa bu 30 tí ó kù bí a ti ń gbé ti àkọ́kọ́ kiri.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbà wo? Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí aago ni mo fún alásè, aago kò sì mọ ibi tí Bàbá dé. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fún un ní aago kankan, ohun èlò orí tábìlì ni mo fún un. Mo ní, “Ìyá, bí wọ́n bá gbé iyọ̀, ẹ to àwo, ẹ sì ṣí kúlà àkọ́kọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ owó sínú omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Bí ìyá àgbà bá dìde fún àdúrà ìparí, kí àwọn agbáwo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé kí a tó ṣe àmín.” Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọn kò lè rí tábìlì, mo sì fi ọmọ ọdún méjìlá kan sí ojú fèrèsé, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa sáré lọ sọ pé, “Wọ́n ti gbé iyọ̀ o.” Ó ṣe é tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ ń ròyìn obì àti atare tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Ìkókó náà ní aago tirẹ̀, èyí tí olùṣètò púpọ̀ kì í kọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní bíi wákàtí méjì-méjì ló ń mu ọmú. A ṣètò pé kí ó fún un ní ọmú ní 7:30, kí ó gbé e léjìká títí yóò fi gùfẹ̀, kí wọ́n má sì gbé e jáde sáàárín èrò kí ó tó di 8:18, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì kí a gbé omi. Ọmọ tí a bá gbé jókòó sáàárín ariwo láti aago mẹ́jọ ni yóò sunkún nígbà tí a bá fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu.

Lọ́jọ́ náà, orin bẹ̀rẹ̀ ní 8:00 nígbà tí kò tíì tó ènìyàn ogójì nílé. Olùṣọ́-àgùntàn parí ní 8:19, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ohun tí ó fẹ́ da ètò rú ni pé a kò rí àwọn ẹbí ìyàwó, wọ́n wà lójú ọ̀nà, bàbá ìyàwó sì ni ó yẹ kí ó dúró ti Bàbá nídìí obì. Olóòtú wò mí. A kò dúró dè wọ́n lẹ́nu omi, nítorí bí a bá dúró níbẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn ni yóò sún. Mo lọ sọ ọ́ sí Bàbá létí, wọ́n sì fúnra wọn sọ fún èrò pé àwọn yóò gbé obì ti àna sẹ́yìn epo. Nígbà tí àwọn àna wọlé ní 8:31, atare ni Bàbá ń wúre lé lórí. Wọ́n jókòó, wọ́n mí, wọ́n mu omi, nígbà tí a sì ṣe ti epo tán ní 8:39, bàbá ìyàwó dìde, wọ́n wúre lórí obì fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mẹ́fà nínú rẹ̀ jáde láti inú àyè tí mo fi sílẹ̀.

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ ní 8:48. Ọmọ ojú fèrèsé sáré. Ìgbà tí ìyá àgbà ṣe àmín ìkẹyìn, tí ọ̀rẹ́ mi sì dúpẹ́ tán, 9:04 ni aago mi ń sọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn ohun tí a kọ, àwọn agbáwo sì ti wọlé kí n tó gbójú sókè. Àwọn àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Mo rí Bàbá tí wọ́n ṣí ọ̀rá tí a fi bo àwo wọn, tí ooru sì jáde.

Ohun tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni fọ́tò. Mo kọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un lẹ́yìn oúnjẹ, ó gba wákàtí kan àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń rántí ẹnìkan tí kò sí nínú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ìyá ọmọ sì wà lórí ìdúró ní ọjọ́ kẹjọ tí ó bímọ. Ní èyí tí mo bá wọn ṣe lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé àga fún un, mo sì ní kí ayàwòrán kọ́kọ́ ya gbogbo àwòrán tí ìyá àti ọmọ wà nínú rẹ̀ tán, kí wọ́n padà sínú yàrá, kí àwọn ìyókù máa bá ara wọn yà á bí ó bá ṣe wù wọ́n.